Bí a ṣe ń béèrè nọ́ńbà tó kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kí ìròyìn iṣẹ́ tó wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe iṣẹ́ kan lórí omi kànga ní Ìkòròdú. Ẹnì kan lọ sí Ìpakodò, ẹnì kan sí Ìgbógbó, ẹnì kan sí Bàyékú, ẹnì kẹrin ló ń ya máàpù àti gíráàfù, èmi ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ìròyìn náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́ wa. Mo ti kọ ọ́ sí gúrúùpù wa lórí Wásáàpù pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi nọ́ńbà àti àwòrán wọn ránṣẹ́, àtàǹpàkò nìkan ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí wọn yóò fi fèsì?

Ìdáhùn: Ẹni tó bá ka “ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́” á rò pé tòun ti dé, torí pé ó ti fi nǹkan kan ránṣẹ́ rí. Kò mọ̀ pé kànga kẹta ló kù. Ẹ̀yin náà ò sì lè sọ fún un títí tí ẹ ó fi to gbogbo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ sínú tábìlì kan ṣoṣo. Ẹ fún kànga kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ wọ̀n ní òpó tirẹ̀. Ká sọ pé kànga mẹ́rin-mẹ́rin ni ẹ lọ ní àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹ sì wọn nǹkan mẹ́fà nínú omi kọ̀ọ̀kan. Àyè 72 ló yẹ kó kún. Nínú Excel, bí orúkọ bá wà ní ìlà kìíní àti ní òpó A, èyí á sọ iye àyè tó ṣófo fún yín:

```
=COUNTBLANK(B2:G13)
```

Kì í ka àyè tí ẹnì kan fi dáàṣì sí mọ́ èyí tó ṣófo, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ pa àwọn dáàṣì rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín léèrè lórí àyè kọ̀ọ̀kan pé ṣé nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ṣeé rí. Ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ẹni yẹn dúró lórí èyí. Létí kànga ni wọ́n ti ń wọn pH, torí pé bí omi bá ti wà nínú ìgò fún ìgbà díẹ̀, pH rẹ̀ á ti yí padà. Bí kò bá sí nínú ìwé tí wọ́n kọ nǹkan sí lọ́jọ́ náà, ó ti lọ nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n lónìí kó pè é ní tọjọ́ náà. Náítíréètì gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí 48. Kílóráìdì ní tirẹ̀ lè dúró tó ọjọ́ 28. Èyí ni pé bí ìgò omi Bàyékú bá ṣì wà nílé ẹni tó bù ú, tí kò sì tíì pé ọjọ́ 28, nọ́ńbà kílóráìdì tó kù ṣì lè jáde kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Ẹ lè wá kọ ọ́ báyìí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ibi tí mo kọ orúkọ àdúgbò sí, orúkọ ẹni tó lọ síbẹ̀ ni kí ẹ kọ:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà 69 ti dé nínú 72. Ohun tó kù nìyí.

Bàyékú: kílóráìdì kànga 3. Ṣé omi rẹ̀ ṣì wà nínú ìgò? Bó bá wà, jọ̀ọ́ gbé e lọ sí láàbù lọ́la.

Ìgbógbó: pH kànga 1 àti 2. Wo ìwé tí o kọ nǹkan sí létí kànga. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ ‘a kò wọ̀n ọ́n’ ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn náà tó.

Ìpakodò: náítíréètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dé. Ṣé NO₃ ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni àbí NO₃-N? Jọ̀ọ́ ya fọ́tò ìwé láàbù náà.

Máàpù àti gíráàfù: mo fẹ́ fáìlì Excel tí gíráàfù ti jáde. Fi máàpù ránṣẹ́ bíi Document, má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò.

Kí gbogbo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ní Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Èyí tí kò bá dé nígbà náà, màá kọ ọ́ sínú tábìlì pé kò sí.”

Gbólóhùn tó sọ pé “a kò wọ̀n ọ́n” náà tó ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ìyókù lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń dákẹ́ nínú gúrúùpù ń dákẹ́ nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti sọ pé àwọn ò wọn nǹkan náà. Bí ẹ kò bá ṣí ọ̀nà yẹn fún wọn, ẹlòmíràn á tẹ òdo síbẹ̀ kí àyè má bàa ṣófo, òdo yẹn sì lè ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ká sọ pé kílóráìdì kànga mẹ́ta ní Bàyékú jẹ́ 180, 210 àti 240 mg/L. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 210. Ẹ fi òdo kan kún un, á já sí 157.5. Létí ọ̀sà ni Bàyékú wà, bóyá iyọ̀ ń wọ kànga ibẹ̀ ni ohun tí olùkọ́ yín á fẹ́ mọ̀, 250 mg/L sì ni òpin tí ìlànà omi mímu Nàìjíríà fi sí kílóráìdì. Òdo kan ti gbé yín jìnnà sí òpin náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. AVERAGE nínú Excel máa ń fo àyè tó ṣófo, ṣùgbọ́n ó ń ka òdo. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lóòótọ́ tí mítà kò rí nǹkan kan, òdo kọ́ ni wọ́n ó kọ. Wọ́n á kọ iye tó kéré jù tí mítà náà lè rí, pẹ̀lú àmì yìí níwájú rẹ̀: <0.5.

Ìbéèrè NO₃ àti NO₃-N kì í ṣe àṣejù rárá. Ekejì ń ka náítírójìn tó wà nínú náítíréètì nìkan, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi 4.43 sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó bá èkíní dọ́gba. Bí wọ́n bá kọ 12 láìsọ èwo ni, ó lè jẹ́ 12 lásán, ó sì lè jẹ́ 53, èyí tó ti kọjá 50 mg/L tí ìlànà fàyè gbà.

Ní ti àwòrán, Wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀, lẹ́tà kéékèèké tó wà lórí máàpù á sì di ràkọ̀ràkọ̀ lórí pépà. Mo béèrè fáìlì Excel nítorí pé nọ́ńbà Bàyékú tó ń bọ̀ á yí gíráàfù padà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì tún un yà.

Bí ẹ bá ti fi í sí gúrúùpù, ẹ fi ìlà tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí òun nìkan. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ pe ẹni tí kò bá tíì fèsì lórí fóònù. Bí pH Ìgbógbó kò bá jáde títí di Ọjọ́rú, ẹ fi àyè méjèèjì sílẹ̀ ní òfìfo, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ tábìlì pé kànga méjì péré nínú mẹ́rin ni pH àdúgbò náà ti wá.