Alumíníọ̀mù ń yọ́ lórí èédú, kí ló wá dé tí èédú ò lè gbà á jáde nínú òkúta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Nítòsí ilé wa ní Iléṣà, àwọn kan ń rọ ìkòkò, èédú ni wọ́n fi ń yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù, kì í sì í pẹ́ tó fi ń di omi. Irin ò lè yọ́ nínú iná yẹn láéláé. Tíṣà kẹ́mísìrì wa wá ní irin ni wọ́n ń fi èédú gbà jáde nínú òkúta, pé ti alumíníọ̀mù, iná mànàmáná ni, torí riakitífítì síríìsì. Lójú tèmi ó dà bíi pé wọ́n sọ ọ́ sódì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là á yé mi, mo ń múra Wáẹ̀kì.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, tíṣà yín ò sọ ọ́ sódì, ojú tìẹ náà ò sì parọ́, àmọ́ iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Agolo àti páànù tí wọ́n ń kó sínú iná yẹn, alumíníọ̀mù ti dá dúró nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbà á kúrò lára òkúta níbòmíì kó tó di páànù, ooru lásán ló kù tó nílò, bó bá sì ti gbóná dé 660 dígírì, ó di omi nìyẹn. Irin ní tiẹ̀, àfi tó bá súnmọ́ 1,540. Ṣùgbọ́n bí mẹ́táàlì ṣe tètè ń yọ́ sí ò sọ nǹkankan fún wa nípa bó ṣe máa ṣòro tó láti gbà á lára òkúta. Nínú òkúta, ọ́síjìn ló ti so mọ́ ọn. Fe2O3 ni òkúta irin tó pupa yẹn, Al2O3 ló wà nínú bọ́sáìtì, òkúta alumíníọ̀mù. Ọ́síjìn yẹn la fẹ́ já kúrò, ìbéèrè sì ni pé ta ló lágbára tó o.

Ibẹ̀ ni riakitífítì síríìsì, ìlà tí wọ́n to mẹ́táàlì sí bí agbára wọn ṣe tó, ti wúlò. Mẹ́táàlì tó wà lókè di ọ́síjìn mú pinpin, tìsàlẹ̀ ò dì í mú tó bẹ́ẹ̀. Láti òkè wá, a ní pọtásíọ̀mù, sódíọ̀mù, kálísíọ̀mù, magnísíọ̀mù, alumíníọ̀mù, lẹ́yìn náà kábọ́ọ̀nù, kó tó wá kan síńkì, irin, òjé, bàbà, títí dé wúrà nísàlẹ̀ pátápátá. Wúrà ò tiẹ̀ dì í mú rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wa wúrà ní agbègbè Iléṣà yín fi ń rí i ní wúrà nínú ilẹ̀, tí wọ́n kàn ń fi omi ṣàn án jáde. Kábọ́ọ̀nù kì í ṣe mẹ́táàlì o, òun ló wà nínú èédú, wọ́n fi í sáàrin ni torí pé èédú ò wọ́n, òun lèèyàn kọ́kọ́ máa fẹ́ lò tó bá lè ṣiṣẹ́ náà.

Tí láàbù yín bá dáa, bẹ tíṣà yín kó po bàbà ọ́sáìdì dúdú mọ́ èédú lílọ̀ nínú tẹ́sìtì túùbù, kó gbé e lé iná líle. Gáàsì tó ń jáde á mú kí láìmù wọ́tà funfun, bí túùbù bá sì tutù, wàá rí bàbà tó pupa nísàlẹ̀ ẹ̀. Èédú ti gba ọ́síjìn ẹ̀ nìyẹn. Ṣe irú ẹ̀ fún magnísíọ̀mù ọ́sáìdì, bó ṣe funfun ló máa funfun kalẹ̀. Kódà ìdàkejì ẹ̀ gan-an ló yẹ kóo rí: fi ẹ̀mú di magnísíọ̀mù tó ń jó mú, tì í bọ inú ìgò tí kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì kún, iná tó yẹ kó kú níbẹ̀ á máa jó lọ ni, eérú funfun á wà ńbẹ̀, àwọn nǹkan dúdú kéékèèké á sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Dúdú yẹn ni kábọ́ọ̀nù, magnísíọ̀mù ti gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹ̀. (Má tẹjú mọ́ iná yẹn o, ó ń ba ojú jẹ́.)

Irin wà lábẹ́ kábọ́ọ̀nù, torí náà èédú ká a, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa, tóo bá kàn po méjèèjì pọ̀ sínú garawa, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn baba wa tó ń sun òkúta irin nílẹ̀ Yorùbá mọ èyí, èédú igi àti ẹwìrì ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú fọ́nẹ́ẹ̀sì ńlá òde òní, kóòkì tí wọ́n ń fi èédú ilẹ̀ ṣe, òkúta irin àti òkúta ẹfun ni wọ́n ń dà sí i látòkè, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i nísàlẹ̀. Kóòkì á jó di CO2, CO2 yẹn á bá kóòkì mìíràn pàdé, á di CO, CO yìí ló ń wọnú òkúta lọ já ọ́síjìn:

```
Fe2O3 + 3CO → 2Fe + 3CO2
```

Nínú 160 kílò Fe2O3 tó mọ́, 112 kílò irin ló máa kù, 48 kílò ọ́síjìn ti bá gáàsì lọ. Òkúta ẹfun, tiẹ̀ ni pé kó sọ yanrìn inú òkúta di ìdàrọ́ tó ń léfòó lórí irin.

Alumíníọ̀mù wà lókè kábọ́ọ̀nù. Tí ooru bá ju 2,000 dígírì lọ, kábọ́ọ̀nù á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá jáde á tún so mọ́ kábọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀, á di Al4C3, òmíràn á di oru, kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn ṣòwò. Ni wọ́n bá fi iná mànàmáná ṣe é, Hall ní Amẹ́ríkà àti Héroult ní Faransé, olúkúlùkù lọ́tọ̀, lọ́dún 1886. O ò lè pò ó mọ́ omi o, torí háídírójìn inú omi ló máa jáde dípò alumíníọ̀mù. O ò sì fẹ́ yọ́ ọ lásán, torí Al2O3 ò ní yọ́ títí á fi ju 2,000 dígírì lọ. Kiráyólàìtì yíyọ́, òkúta kan tí Al2O3 ń yòrò nínú ẹ̀, ni wọ́n ń pò ó mọ́, á wá ṣeé ṣe ní nǹkan bíi 950. Iná á wọlé, alumíníọ̀mù á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní káátóòdù, á rọ̀ sísàlẹ̀ bí omi, ọ́síjìn á lọ sí ánóòdù.

Ánóòdù yẹn, kábọ́ọ̀nù ni, ibẹ̀ ló sì ń da ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé rú, wọ́n á ní ṣebí kábọ́ọ̀nù náà ló ṣe é. Kábọ́ọ̀nù wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ọ́síjìn tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ń jó o di CO2, ó ń jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi pààrọ̀ ẹ̀, àmọ́ iná ló já ọ́síjìn yẹn kúrò lára alumíníọ̀mù. Pa iná, kó o fi kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú kiráyólàìtì gbígbóná yẹn, kò ní rí nǹkankan gbà. Iná náà sì pọ̀: kílò kan alumíníọ̀mù ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 14, irú yúníìtì tí ẹ ń rà sí mítà nílé. Àwọn tó ń rọ ìkòkò ò ná tó bẹ́ẹ̀ rárá, agbára tí alumíníọ̀mù àlòkù nílò láti yọ́ ò ju bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn lọ. Ẹlẹkitirólísìsì, bí wọ́n ṣe ń pe fífi iná mànàmáná gbà á yìí, lè gba irin náà jáde, kò kàn bọ́gbọ́n mu láti ná irú owó iná bẹ́ẹ̀ sórí ohun tí kóòkì lè ṣe ni.

Ọ̀kan tí wọ́n lè fi tàn ẹ́ nínú ìdánwò ni síńkì, tó wà lábẹ́ kábọ́ọ̀nù tààrà. Èédú ká a, ṣùgbọ́n síńkì ń hó ní 907 dígírì, ooru fọ́nẹ́ẹ̀sì sì ju ìyẹn lọ, torí náà oru ni síńkì fi ń jáde, bí wọn ò bá sì tètè sọ oru yẹn di omi, bó ṣe ń tutù ló máa tún gba ọ́síjìn padà lára CO2 tó bá a jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú síńkì ayé lónìí, iná ni wọ́n fi ń gbà á jáde nínú omi síńkì sọ́fétì. Tí wọ́n bá bi ẹ́ bóyá kábọ́ọ̀nù lè gba síńkì lọ́wọ́ ọ́síjìn, kọ bẹ́ẹ̀ ni.