Kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù kò ní àdéhùn ti tú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọdún 3 ni mo fi gba ṣọ́ọ̀bù mi, ó ku oṣù 10 kó pé, ọjà ò sì tà mọ́. Oṣooṣù ni mò ń sanwó. Owó oṣù 3 wà lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí owó ìdógò. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà pé mo ti jáde, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀, kó dá owó ìdógò mi padà. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn yín, kí ẹ wò ó bóyá ó gbà yín láyè láti jáde kí àkókò tó pé. Bó bá gbà yín láyè, ohun tó wí ni kí ẹ tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀: iye oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀, ibi tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé, àti pé kò gbọdọ̀ sí gbèsè lọ́rùn yín. Bí kò bá sí irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ lẹ fẹ́ bẹ̀, ẹ kò tíì lè pàṣẹ.

Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń ta lẹ́tà àkọsílẹ̀ tó ní “mo ti dá ṣọ́ọ̀bù padà láti òní lọ.” Ẹni méjì ló jọ ṣe àdéhùn, ẹnì kan kò lè dá a tú. Láńlọ́ọ̀dù lè gba kọ́kọ́rọ́ yín, kó fi í pamọ́ nítorí olè, kó tiẹ̀ fi mú èèyàn wá wo ṣọ́ọ̀bù, kí owó oṣooṣù ṣì máa gùn yín lórí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ohun tí adájọ́ sábà máa ń wò ni bóyá láńlọ́ọ̀dù ṣe ohun tó fi hàn gbangba pé ó ti gba ilé rẹ̀ padà, bíi kó fi ayálégbé mìíràn síbẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Dídákẹ́ rẹ̀ nìkan kò tó. Níbòmíràn, òfin ní kí onílé sapá láti wá ayálégbé mìíràn kí àdánù má baà pọ̀. Níbòmíràn, kò pọn dandan fún un. Ẹ má fi èyí ta tẹ́tẹ́.

Owó ìdógò náà, ààbò ló jẹ́ fún onílé lórí gbèsè àti ohun tó bá bàjẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn bá ṣì wà láàyè, kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbígbà tó máa gba ṣọ́ọ̀bù àti dídá owó padà fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kan náà.

Kí ló máa mú un gbà? Ẹ̀rù kí ṣọ́ọ̀bù má ṣófo ló ń bà á. Ẹ sọ pé ẹ ó dúró fún oṣù 2 sí i, ẹ ó san owó méjèèjì, kó sì mú owó oṣù 1 nínú owó ìdógò. Ó ti ní oṣù 3 láti wá ẹlòmíràn láìpàdánù. Ẹ̀yin náà ná owó oṣù 3 dípò 10, owó oṣù 2 sì padà sọ́wọ́ yín. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

*“Mo bẹ̀ yín kí ẹ gbà kí àdéhùn wa lórí ṣọ́ọ̀bù yìí parí ní ọjọ́ [déètì], oṣù 2 sí òní. N ó san owó títí di ọjọ́ náà, n ó sì kó ẹrù mi kúrò. Ẹ mú owó oṣù 1 nínú owó ìdógò. Kí ẹ san ìyókù fún mi láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí mo bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá yọ owó àtúnṣe tí a jọ fọwọ́ sí. Láti ọjọ́ tí àdéhùn bá parí, yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí, kò sí gbèsè láàárín wa mọ́, onídùúró mi náà sì bọ́. Títí tí ẹ ó fi buwọ́ lu ìwé yìí, àdéhùn wa kò yí padà.”*

Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé rẹ̀ àti déètì. Bó bá jẹ́ ejẹ́ǹtì ló máa buwọ́ lù ú, ẹ béèrè ìwé tó fún un láṣẹ. Ẹ má yọ gbólóhùn “kò sí gbèsè” yẹn rárá, torí pé títú àdéhùn nìkan kì í pa gbèsè àná tàbí ìbàjẹ́ rẹ́. Bó bá kọ̀ láti gbà á, ẹ ní kó kọ ohun tó ń béèrè sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀.

Ẹ máa sanwó lọ ní gbogbo àsìkò tí ẹ fi ń dúró de èsì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ jọ yí ṣọ́ọ̀bù ká, ẹ ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀ àti mítà iná, kó sì buwọ́ lu ìwé pé òun ti gba kọ́kọ́rọ́.

Mi ò tíì rí ìwé àdéhùn yín o, òfin sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, títú àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ ń fẹ́ ìwé òfin tó ní ẹlẹ́rìí, lẹ́tà nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí yóò gbà, kí ẹ fi wé owó oṣù 10.