Ìbéèrè nípa àṣà: Ohun tí oríkì orílẹ̀ mọ̀ tí ère kò mọ̀

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, mò ń kọ ìtàn kúkúrú kan fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọmọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ère ẹni tó tẹ ìlú wọn dó kọjá tó bá ń lọ síléèwé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ère náà pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí wá mọ̀ pé ibòmíràn ni, àmọ́ mi ò fẹ́ kó jẹ́ inú ìwé ló ti rí i. Ẹnìkan ní kí n lo oríkì orílẹ̀. Kí gan-an ni oríkì orílẹ̀, ṣé ó sì lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀?”

Ó lè tú u, àmọ́ ìdajì ni yóò tú. Ọmọ náà ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìdajì kejì, níbẹ̀ sì ni ìtàn yín yóò ti dùn jù lọ.

Oríkì orílẹ̀ ni oríkì tí gbogbo ọmọ ìdílé kan jọ ń jẹ́ láti ọ̀dọ̀ baba. Kì í ṣe oríkì àbísọ bí Àjàní tàbí Àṣàkẹ́, èyí tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ ló máa ń dárúkọ, á sì fi ohun tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n níbẹ̀ kún un: iṣẹ́ wọn, orò wọn, ohun tí wọn kì í jẹ. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti kúrò ní Ọ̀fà láti ayébáyé, tí wọ́n bí òun ní Ìbàdàn, tó sì ń gbé Èkó, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín náà ni wọn yóò máa kì í, wọn yóò sì máa sọ fún un pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, bí kò tilẹ̀ tíì fojú kan Ọ̀fà rí. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú ìlú púpọ̀ ká nílẹ̀ Yorùbá, àwọn èèyàn sì sá gba ọ̀nà gbogbo lọ. Wọ́n fi ilé àti oko sílẹ̀, ṣùgbọ́n orílẹ̀ wọn ń bá wọn lọ, torí ẹnu ni wọ́n fi ń gbé e.

Ẹ jẹ́ kí á fi Ìkòyí ṣe ibi tí wọ́n bí ọkùnrin inú ìtàn yín, torí orílẹ̀ wọn ṣe kedere. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, Oníkòyí ni olórí àwọn ọba Ẹ̀kùn Òsì, apá kan nínú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́, jagunjagun paraku sì ni wọ́n. Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni wọ́n ń kì wọ́n. Wọ́n ní Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n fi ń gbà á. Ìyẹn ni pé wọn kì í kẹ́yìn sógun débi tí ọfà yóò fi bá wọn lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ èyí nínú oríkì ìdílé kan, kò tún ń bèèrè ibi tí wọ́n ti wá mọ́.

Ta ni yóò wá kì í sétí ọmọ náà? Ẹ má ṣe fún onílù ààfin, ẹ má sì fún olùkọ́. Àwọn obìnrin ilé ni oríkì wà lọ́wọ́ wọn jù. Ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé láti agboolé mìíràn ni yóò kọ́ oríkì ìdílé ọkọ rẹ̀ yékéyéké, torí òun ni yóò máa fi kí ọkọ, tí yóò máa fi tu ọmọ nínú, tí yóò sì fi sunkún ní ìsìnkú. Nítorí náà, ìyá bàbá ọmọ yìí ni kó jẹ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Ìyá.” Ìyá sì dáhùn bó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti bí i: ó fi oríkì àbísọ rẹ̀ pè é, ó ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ ẹni tí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ọmọ náà ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà láìfetí sí i. Lọ́jọ́ kan ṣá, lẹ́yìn tí olùkọ́ ti ní kí wọ́n da ọ̀rọ̀ abẹ́ ère kọ sínú ìwé, ó gbọ́ “Ìkòyí” yẹn lọ́tọ̀. Ìdílé tiwọn ló tẹ ìlú dó. Báwo ni baba ńlá wọn ṣe wá jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ nídìí ère, tó sì jẹ́ ọmọ Ìkòyí lẹ́nu Ìyá?

Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra, torí ọ̀nà méjì ni ọmọ náà fi lè ṣìnà. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó ń ki oríkì kì í dúró sórí orílẹ̀ baba nìkan. Bó bá ń ki èèyàn, á yà sí ìdílé ìyá onítọ̀hún, á tún padà, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti yà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá inú ìdílé náà ló wá láti Ìkòyí. Ohun tí yóò fi dá a mọ̀ ni pé kó tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń ki àwọn mìíràn nínú agboolé: bàbá rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ wọn tí ìyá wọn yàtọ̀ síra. Bí Ìkòyí bá ń jáde lára gbogbo wọn, orílẹ̀ baba ni. Bó bá jẹ́ lára ọmọ ìyá kan ṣoṣo ló ti ń jáde, ìyá ni wọ́n ti mú un wọlé. Ẹ lè jẹ́ kó ṣe èyí níbi ìgbéyàwó kan, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń ki èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé, tí òun sì jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú bírò rẹ̀.

Èkejì ló lágbára jù. Ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ ni orílẹ̀ ń sọ, kì í sọ ilé tí wọ́n bí ẹnìkan pàtó sí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, bẹ́ẹ̀ ọsibítù ìlú wọn ni wọ́n bí i sí. Nítorí náà, oríkì á fi yé e pé Ìkòyí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó kù kó mọ̀ bóyá ọkùnrin náà gan-an ni wọ́n bí níbẹ̀ àbí bàbá rẹ̀ ni. Ìtàn ìdílé ló ń sọ ìyẹn, baálé ilé sì ni ìtàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàyé tó lè ti ọ̀dọ̀ baálé jáde ni pé ọkùnrin náà ti di ọdẹ kó tó kúrò ní Ìkòyí, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó sílé baba wọn, pé nígbà tí bàbá wọn kú, ibẹ̀ ló padà lọ ṣòkú. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílé, tó padà lọ sin bàbá rẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ọmọ náà kò sì ní lè lọ wo ilé ọ̀hún, torí ogun ti fọ́ Ìkòyí àtijọ́. Ìkòyí-Ilé tó wà lónìí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, bó bá sì débẹ̀ tó gbọ́ tí wọ́n ń ki àwọn onílé bí Ìyá ṣe ń ki òun, ẹ̀rí ńlá nìyẹn.

Ṣé ẹni tó kọ̀wé sídìí ère wá parọ́ ni? Lójú tèmi, ẹ má ṣe sọ ọ́ di òpùrọ́ nínú ìtàn yín. Àgbà tí wọ́n bi léèrè yóò ti sọ pé, “Ifẹ̀ la ti wá.” Òótọ́ ni lójú rẹ̀, torí gbogbo wa la gbà pé ìran Odùduwà ti Ifẹ̀ wá, a sì ń pe ẹni tó jìnnà sí Odùduwà ní ìran mẹ́wàá ní ọmọ Odùduwà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ gbọ́ “ti wá” àti “ọmọ,” ó sì kọ “a bí i.” Ọ̀rọ̀ kan ló yí, ìran púpọ̀ sì pòórá láàárín.

Ohun mìíràn tún wà tó ń mú ìlú fẹ́ràn láti kọ Ifẹ̀: adé. Ọba tó bá lè tọ́ka sí Ifẹ̀ ló lè sọ pé adé ìlẹ̀kẹ̀ tọ́ sí òun. Ní 1903, nígbà tí wọ́n ń jiyàn bóyá Ẹlẹ́pẹ́ ní Rẹ́mọ lẹ́tọ̀ọ́ sí adé, Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní wá sí Èkó kó wá sọ̀rọ̀ sí i, Ọọ̀ni sì ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Láti irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí ìjọba òyìnbó ti ń kọ ìtàn ìlú sílẹ̀ láti fi mọ ọba tó ju ọba lọ, ìlú tó bá ní Ìkòyí ni ẹni tó tẹ òun dó ti wá lè máa bẹ̀rù pé wọn yóò fi òun sábẹ́ Ìkòyí. Bí ọmọ inú ìtàn yín bá bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn kò kọ òótọ́, ìdáhùn tó wúwo nìyí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ìlú ńlá wà tí wọn kò fi í pa mọ́ rárá pé àlejò ló tẹ àwọn dó. Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ jù níbẹ̀, ọdẹ tó wá láti ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Ó tẹ̀dó sídìí igi àjàgbọn, ó wá di ẹni tó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Láti ara ìyẹn ni wọ́n ní ìlú náà ti gba orúkọ. Kìṣí náà ń sọ pé ọmọ ọba Ìbàrìbá ló tẹ àwọn dó. Mo fẹ́ràn kí olùkọ́ inú ìtàn yín mẹ́nu ba Ògúnlọlá yìí ní kíláàsì, kí ọmọ náà mọ̀ pé ohun tí òun rí kò ní ba ìlú òun jẹ́.

Ó ku bí yóò ṣe sọ ọ́ síta. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dìde níwájú ọba níbi ayẹyẹ, kó ní irọ́ ni wọ́n kọ. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò ní sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbà, àwọn tó ń kà á yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kì í ṣe ọmọ wa. Bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún, bàbá yóò mú un lọ bá baálé, ọmọ náà yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sì fi ìbéèrè gbé e kalẹ̀: “Bàbá, ẹ má bínú, Ìyá máa ń kì mí ní Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Níbo ni wọ́n ti bí baba ńlá wa?” Baálé yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò béèrè ẹni tó rán an, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bí ìdílé bá fẹnu kò, àwọn ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ààfin, ìgbìmọ̀ yóò sì tún ọ̀rọ̀ abẹ́ ère kọ láìfi Ifẹ̀ sílẹ̀: “Ìkòyí ni a bí i sí. Ilé-Ifẹ̀ ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀.”