Ẹ má fi irọ́ béèrè àfikún owó oṣù

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ kan tó ń pín oúnjẹ ní Ìkẹjà ti fún mi ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, iṣẹ́ oníṣirò owó, ₦500,000 lóṣù. Mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un, ó kéré tán kí ₦450,000 máa wọ àkáǹtì mi. Ẹnì kan tó ń ta àpẹẹrẹ lẹ́tà lórí Wasáàpù ní kí n kọ ọ́ pé ibòmíràn ti fẹ́ fún mi ní ₦700,000, pé ìyẹn ló máa ń yá wọn lára. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Mi ò fẹ́ kí inú bí wọn. Ilé ìkẹ́rùsí Ìkẹjà nìkan ni wọ́n tiẹ̀ sọ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo wá rí Ìbàdàn nínú lẹ́tà, àmọ́ ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú.*

Rárá o, ẹ má kọ ọ́. Ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ nítorí irú àpẹẹrẹ lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò yé wọn ni ibi tí lẹ́tà yín máa dé. Ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí ní ẹ̀ka tó ń rí sí òṣìṣẹ́ kì í sábà ní àṣẹ láti fi owó kún owó. Wọ́n ti fọwọ́ sí iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù fún ipò náà. Bí ohun tí ẹ béèrè bá ju ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àfi kó gbé e lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka yín tàbí ẹni tó ń mójú tó owó iléeṣẹ́. Ímeèlì yín gan-an ló máa fi ránṣẹ́ sókè, pẹ̀lú ìlà kan tàbí méjì lórí rẹ̀. Ìdí tí ẹ bá kọ síbẹ̀ lòun náà máa fi gbèjà yín. Bó bá wá jẹ́ pé "ibòmíràn ń pè mí" ni ìdí yín, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa bi í ni pé, "Ṣé o ti rí lẹ́tà wọn?" Ọ̀dọ̀ yín ló máa padà wá. Bí ọ̀gá bá sì ní "kó máa lọ síbẹ̀", ibo lẹ fẹ́ lọ?

Ẹ tún wo èyí: iléeṣẹ́ púpọ̀ ní Nàìjíríà ló máa ń béèrè ìwé owó oṣù yín ti oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, tàbí ìwé àkáǹtì báǹkì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, bíbu owó lé owó oṣù àtijọ́ náà kì í pẹ́ tú. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ló sì ní ìlà kan níbi tó kéré sí pé bí ohun tí ẹ sọ kì í bá ṣe òótọ́, wọ́n lè dá yín dúró. Ẹ wá a nínú tiyín. Bí lẹ́tà míì bá wà lóòótọ́, ẹ lè mẹ́nu bà á, kí ẹ sì múra láti fi hàn.

Ìdí tó dáa jù lọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ kàn fojú kékeré wò ó. Ìbàdàn ni. Ibi ìkẹ́rùsí kejì túmọ̀ sí kíka ọjà lẹ́ẹ̀mejì ní ìparí oṣù, ìwé méjì tó gbọ́dọ̀ bá ọjà ilẹ̀ mu, àti ìrìn ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ọ̀gá tó bá ka èyí kò ní bi yín ní ẹ̀rí, torí lẹ́tà tiwọn ni ẹ̀rí. Owó ilé, owó iléèwé ọmọ àti owó epo kò ṣeé gbé lọ bá ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ wọ́n sínú lẹ́tà yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà kí ẹ tó dárúkọ iye kankan. ₦500,000 inú lẹ́tà kì í ṣe ohun tó máa wọ àkáǹtì. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ tó wà nínú owó oṣù náà. Ká ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ jẹ́ ₦350,000 nínú tiyín, ₦28,000 máa lọ. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, owó orí tó kàn yín máa sún mọ́ ₦67,500 lóṣù. Ohun tó máa kù fún yín jẹ́ bíi ₦404,500. Kí ₦450,000 tó lè wọ àkáǹtì, ẹ nílò ₦560,000 lódindi. Bí wọ́n ṣe pín owó náà nínú lẹ́tà yín lè yí iye yìí padà díẹ̀, bí ẹ bá sì ní rìsíìtì owó ilé, ìyẹn lè dín owó orí kù. Ẹ ní kí wọ́n fi ìpín náà hàn yín.

Nítorí náà, ẹ béèrè ₦580,000, kí ẹ sì fi ₦560,000 ṣe ibi tí ẹ ò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Iye kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá kọ "láti ₦540,000 dé ₦600,000", ₦540,000 ni wọ́n máa kà.

Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó máa wà nínú rẹ̀ nìyí:

> Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ náà wù mí, mo sì fẹ́ bá yín ṣe é.
>
> Kí n tó tọwọ́ bọ̀wé, mo fẹ́ béèrè bóyá àyè wà láti tún owó oṣù yẹ̀ wò. Ilé ìkẹ́rùsí Ìkẹjà la sọ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò; nínú lẹ́tà, mo rí i pé kíka ọjà àti ìwé Ìbàdàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún ibi méjèèjì, ₦580,000 lóṣù, kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, ni mo ní lọ́kàn.
>
> Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, a lè sọ ọ́ lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì lẹ fẹ́ gbọ́ èsì mi, ẹ ó sì gbọ́ ọ nígbà náà.

Ẹ má yọ "mo fẹ́ béèrè bóyá" kúrò. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "mi ò lè gba ₦500,000, ₦580,000 ni mo fẹ́", òfin àdéhùn lè kà á sí pé ẹ ò gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ yín mọ́. Wọn ò ní ojúṣe mọ́ láti tún fi ₦500,000 náà lọ̀ yín. Ẹni tó kàn béèrè kò tíì sọ pé òun ò gbà. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ lè gba lẹ́tà tí ẹ kò tíì tọwọ́ bọ̀ padà, nítorí náà mi ò lè ṣèlérí fún yín pé kò séwu rárá. Mi ò rí lẹ́tà yín. Bí ohun kan bá rú yín lójú nínú rẹ̀, agbẹjọ́rò ni kí ẹ fi hàn.

Bí wọ́n bá ní kò sówó mọ́, ẹ ní kí iléeṣẹ́ máa san owó ọkọ̀ àti ibùsùn Ìbàdàn lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ìyẹn máa ń rọrùn fún wọn ju owó oṣù lọ, torí àpò míì ló ti ń wá. Bí wọ́n bá sì gbà lórí fóònù, ẹ dúpẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà tuntun tí iye náà wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí ẹ wà báyìí títí tí ẹ̀yin àtàwọn fi máa tọwọ́ bọ lẹ́tà tuntun náà.