Máàskì tó ń jò: bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo nínú fótò

«Ẹ̀yin ọ̀gá, mo fi gíláàsì rọ́pò kọ́ọ̀bù kan nínú fótò ní Photoshop, mo sì lo máàskì o, àmọ́ oníbàárà mi gbé fótò méjèèjì lé ara wọn, ó ní ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ ti yí padà. Èmi ò rí nǹkan kan. Ibo ló ti wá?»

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ lò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Nínú máàskì, funfun ló ń jẹ́ kí léyà òkè hàn, dúdú ló ń bò ó, àwọ̀ eérú sì wà láàárín wọn, nọ́ńbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255. Tí `Hardness` bá wà ní 0%, etí búrọ́ọ̀ṣì máa ń tàn kọjá ibi tẹ́ ẹ rò pé ó parí sí, eérú 3 tàbí 5 á wá kù sórí ògiri. Lójú yín dúdú ni. Kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ á ṣe ìṣirò ẹ̀, á sì po díẹ̀ nínú léyà òkè mọ́ ògiri yẹn. Iṣẹ́ mi ti padà wá sọ́wọ́ mi nítorí irú eérú yìí, ìyẹn ni mi ò ṣe fọkàn tán ojú mọ́.

Ohun tí mò ń ṣe ní Photoshop báyìí rèé. Mo máa ti fótò àkọ́kọ́ pa nísàlẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ rárá. Gbogbo nǹkan tuntun á wọ inú gúrúùpù kan (`Ctrl+G`), orí gúrúùpù yẹn gan-an ni mo máa fi máàskì ńlá sí, mo máa di `Alt` mú kí n tó tẹ àmì máàskì kó lè jáde ní dúdú. Ẹ kà á sí ọgbà: ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ṣe nínú ẹ̀ ò lè fò síta. `Lasso` ni kẹ́ ẹ fi fa ọgbà náà, `Feather` ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 2 px lọ, kẹ́ ẹ wá fi funfun kún un. Ọgbà yẹn gbọ́dọ̀ gba kọ́ọ̀bù àtijọ́ pẹ̀lú etí ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e, gíláàsì tuntun, àti òjìji àwọn méjèèjì, torí òjìji kọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ bá gbàgbé sórí tábìlì á máa tú yín fó.

Nínú gúrúùpù, léyà òfìfo ló máa kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀. `Clone Stamp` lẹ máa fi da ògiri àti tábìlì bo kọ́ọ̀bù, `Sample` ẹ̀ kó wà lórí `Current & Below`. Ibi etí kọ́ọ̀bù yẹn ló máa ń le jù, torí gíláàsì ò ní etí, kò sóhun tó máa bo ibẹ̀. Ara fótò yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti mú ògiri, kí hóró-hóró ẹ̀ lè bára mu, ẹ má sì jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì rọ̀ jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ hóró á pòórá, ibẹ̀ á wá máa dán bí ẹni fi ọ̀dà pa á. Òjìji tuntun á tẹ̀ lé e, gíláàsì á wà lókè pẹ̀lú máàskì tiẹ̀. Ẹ rántí pé gíláàsì ń jẹ́ kéèyàn rí ẹ̀yìn ẹ̀ o, ògiri ibi tí wọ́n ti yà á ló gbé wá, nítorí náà ẹ fi eérú sí àárín máàskì ẹ̀ kí ògiri tiyín lè yọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe, inú gúrúùpù náà ni kí `Curves` wà, tó bá bọ́ sókè gbogbo léyà, gbogbo fótò ló ti yí nìyẹn.

Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé ẹ̀dà fótò àkọ́kọ́ sókè pátápátá, ẹ yí `Blend Mode` ẹ̀ sí `Difference`. Gbogbo ibi tí kò bá yí á dúdú kirikiri, àmọ́ ẹ má tíì yọ̀, ìyàtọ̀ 1 náà dúdú lójú. Ẹ fi `Levels` lé e lórí, ẹ fa ọwọ́ funfun wá sí 2, ìyàtọ̀ 1 yẹn á tàn gbòò. Tí nǹkan bá ń tàn lẹ́yìn ọgbà, ẹ tẹ máàskì gúrúùpù, ẹ lo `Ctrl+L`, ẹ fa ọwọ́ dúdú sí 5 tàbí 6, eérú tó ṣẹ́kù á di 0. Ẹ yọ léyà ìdánwò méjèèjì kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ó ku fáìlì. JPEG ń gé fótò sí onígun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì 8 sí 8, á tún ṣírò gbogbo ẹ̀, títí kan ibi tẹ́ ò dé, kódà ní `Quality` 12. PNG tàbí TIFF ni kẹ́ ẹ fi pa á mọ́. Tí oníbàárà bá yarí pé JPEG lòun fẹ́, ẹ fi ètò kan náà pa fótò àkọ́kọ́ àti ti tuntun mọ́ látinú Photoshop kan náà, kẹ́ ẹ fún un ní méjèèjì kó fi wé ara wọn, torí onígun mẹ́rin tí ọgbà ò kàn á jáde bákan náà, àyàfi àwọn tó fara ti ọgbà gan-an.