Gìrì ọmọdé: ẹ yọ síbí yẹn kúrò lẹ́nu ọmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Lánàá ara ẹ̀ gbóná, ó ṣàdédé le gbagidi, ó ń gbọ̀n, ojú ẹ̀ yí sókè. Ìyá ọkọ mi ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má bàa gbé ahọ́n mì, kò pẹ́ ó dúró. Ṣé síbí onígi ló dára jù àbí ti irin, nítorí eyín ẹ̀? Ṣé kí n sì ti máa fún un ní àgbo gìrì sílẹ̀? (Ìyá ọmọ kan ní Kétu)

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì, ìyá ọmọ. Igi o, irin o, ìka ọwọ́ o, aṣọ tí wọ́n ká o, nǹkan kan ò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọmọ nígbà tí gìrì bá ń mú un lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ síbí yìí ti sú mi láti máa gbọ́, láti Kétu títí dé Ìdígní, ó sì ń dùn mí gan-an, torí ọ̀pọ̀ gìrì tí ibà ń fà kì í pa ọmọ, ohun tí a ki bọ̀ ọ́ lẹ́nu ló máa ń fẹ́ pa á.

Ahọ́n ò ṣeé gbé mì. Ẹ gbé ahọ́n tiyín sókè níwájú dígí, ẹ óò rí ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé tí ọmọ bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ahọ́n á rọ̀ sẹ́yìn, itọ́ á sì dúró sọ́nà ọ̀fun, àmọ́ tí ẹ bá ti yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, itọ́ á ṣàn jáde, ahọ́n á bọ́ síwájú. Lóòótọ́, ó lè gé ahọ́n jẹ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ yọ, ọgbẹ́ ahọ́n tètè máa ń jinná. Ṣùgbọ́n eyín iwájú tí síbí bá ṣẹ́, tó wá gba ọ̀nà èémí lọ, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Mo mọ ohun tó jẹ́ káwọn màmá wa gbà pé síbí ń ṣiṣẹ́. Gìrì ibà sábà máa ń dúró fúnra ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, ìwọ̀nba ló ń kọjá márùn-ún. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnì kan á wá síbí, ẹnì kan á gbé ẹsẹ̀ ọmọ sún mọ́ iná, ẹnì kan á ta àlùbọ́sà sí i lójú, gìrì á sì dúró bó ṣe fẹ́ dúró tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ lákòókò yẹn la ó máa yìn. Ká ní ọwọ́ òfo la fi jókòó tì í, yóò dúró náà.

Àgbo ló wá burú jù. Wọ́n gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì kan wá bá wa, kílò 11 ni. Ìyá ẹ̀ ní gìrì náà ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àmọ́ ó ṣì ń gbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n fi síbí ya ẹnu ẹ̀, tí wọ́n da àgbo sí i, ewé tábà, ìtọ̀ màlúù àti ọtí sódabì ló wà nínú ẹ̀. Ọmọ tí gìrì ń mú ò lè gbé nǹkan mì, kò sì lè wúkọ́ kó fi tì í jáde, torí náà inú ẹ̀dọ̀fóró ni àgbo yẹn lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn wákàtí kan, gìrì ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n àyà ẹ̀ ń hó, ètè ẹ̀ ti dúdú, ẹ pè é kò dáhùn. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ gíráàmù 0.38 nínú lítà kan, ohun tó bá sì ti wà nísàlẹ̀ 0.45 ewu ni fún ọmọdé. Tẹ́ẹ̀sì pàlú, ibà tí ẹ̀fọn ń fà, náà jáde. Mi ò ní sọ pé àgbo nìkan ló fa ṣúgà wálẹ̀, torí pàlú tó le máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ ti ẹ̀dọ̀fóró yẹn, àgbo ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ wa, òsíjẹ̀nì ni ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ká tó tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Kí gìrì má bàa pa á ni wọ́n ṣe fún un lágbo o.

Torí náà tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ lórí ẹní, níbi tí kò ti ní forí gbá nǹkan, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú ẹ̀ kọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn, ẹ má dì í mú kí ó má baà gbọ̀n. Ẹ wo aago pọ́tábù lójú ẹsẹ̀, torí nínú ẹ̀rù ìṣẹ́jú méjì máa ń dà bí ogún. Ẹlòmíì lè ya fídíò díẹ̀, ó máa ń ràn wá lọ́wọ́ ju àlàyé lọ. Kí ẹnì kan sáré pe sémíjàn tó máa gbé yín lọ sílé ìwòsàn nígbà yẹn, ẹ má dúró dìgbà tó bá pé ìṣẹ́jú márùn-ún, torí tó bá kọjá márùn-ún, oògùn tí nọ́ọ̀sì ń fi sí ìdí ọmọ ló máa ń dá a dúró, ìwọ̀n kílò ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń rà lójú ọ̀nà. Lórí ọ̀kadà, ẹ má pọ̀n ọ́n o! Orí ẹ̀ á máa fì, ẹ ò sì ní rí ojú ẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni kó gbé e lé itan, ní ẹ̀gbẹ́.

Tó bá dúró, oorun á gbé e lọ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn ní ẹ̀gbẹ́ lójú yín. Tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò tíì dá yín lóhùn, tí gìrì tún padà lọ́jọ́ kan náà, tàbí tó jẹ́ apá kan ara nìkan ló gbọ̀n, tí ọrùn ẹ̀ le, tó kọ ọmú, ìyẹn kì í ṣe gìrì tó rọrùn, ó lè jẹ́ pé pàlú ti wọ ọpọlọ tàbí pé àrùn wà nínú awọ tó bo ọpọlọ. Nígbà tó bá jí dáadáa tó sì lè gbé nǹkan mì lẹ ó tó fún un ní parasetamọ́ọ̀lù: miligiramu 15 fún kílò kan. Ọmọ kílò 11 á gba 165, nínú síróò tó ní 120 nínú mílílítà 5, kò tó mílílítà 7 pé. Ẹ ka ara ìgò, torí síróò ò rí bákan náà, ẹ sì jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́fà kí ẹ tó tún un fún un. Ó ń mú ara tù ú ni, kò ní kí gìrì má padà.

Ó sì lè padà, nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́ta ló máa ń tún un ṣe, kó tó pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kì í ṣe wárápá, kì í sọ ọmọ di òmùgọ̀, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbéra lọ wá ẹni tó ṣe é.

Ẹ ò sọ bóyá ẹ ti gbé e lọ sílé ìwòsàn láti àná, ìyẹn ló sì ká mi lára jù. Mi ò rí ọmọ náà, mi ò lè sọ ohun tó fa ibà ẹ̀, àmọ́ nílẹ̀ wa níbí, ọmọ tó níbà tí gìrì mú, ọjọ́ náà la gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún pàlú, ká wo ṣúgà ẹ̀ àti ọrùn ẹ̀, bó tiẹ̀ ń ṣeré. Ẹ gbé e lọ lónìí. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bó ṣe pẹ́ tó, ẹ sọ ti síbí, kí wọ́n wo gbogbo eyín ẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé màmá ti fún un ní àgbo, ẹ má fi pamọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àgbo tó wà nísàlẹ̀ ìgò pàápàá ẹ gbé e dání.