Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lójú ìwé iṣẹ́ ayàwòrán
"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ojú ìwé iṣẹ́ gíráfíìkì mi lórí Instagram. Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ?"

Ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti ẹni tí ẹ ń ṣe é fún ni kó ṣáájú. Instagram máa ń ká ọ̀rọ̀ kò lẹ́yìn nǹkan bíi lẹ́tà 125, ìkíni gígùn á sì jẹ àyè yẹn.

Bí àpẹẹrẹ: "Mo ń ṣe lébẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó ń ta oúnjẹ n'Ìbàdàn. Ẹ fi orúkọ ọjà yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp."

Àwòrán kan ṣoṣo ti tó, 1080 × 1350: lébẹ́ẹ̀lì náà lára ìgò sóbò gan-an, kí oníṣòwò lè rí ọjà tirẹ̀ níbẹ̀.

Tí ẹ kò bá tíì ní oníbàárà, ẹ ṣe ti ọjà àfinúrò kan, kẹ́ ẹ sì sọ pé àfidánrawò ni.